Oṣù kẹta ni wọ́n ń sá: bí a ṣe ń bá oníkọ́ ife lo oògùn rẹ̀ dópin

Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní ni oníkọ́ ife máa ń sá fún oògùn. Lọ́sẹ̀ kìíní, ikọ́ ṣì ń dá a lóró, ibà alẹ́ ṣì ń mú un, ẹ̀rù ikú ṣì ń bà á. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kó gbé mì ló ń gbé mì. Oṣù kẹta ni wàhálà dé. Ikọ́ ti lọ, òógùn òru ti dá, ṣòkòtò tó ń yọ̀ bọ́ nídìí rẹ̀ ti padà bá a mu. Á kó oògùn sọ́wọ́, á wò yín lójú, á ní, "Ṣé èyí tí mo ti lò ò tíì tó ni?" Ẹni tí wọ́n máa bi ní ìbéèrè yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ìyàwó, ọmọ, àbúrò, alájọgbé, ẹnikẹ́ni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì pé òun ni yóò máa wo aláìsàn bó ṣe ń lo oògùn.

Wọ́n kọ orúkọ tèmi sórí káàdì bọ̀dá mi. Ọmọ ọdún 44 ni, dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó. Ikọ́ rẹ̀ ti lé ní oṣù méjì kó tó gbà kí n mú òun lọ ṣe àyẹ̀wò. Òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ààlà sí ọ̀rọ̀ náà: ikọ́ ife tí oògùn àkọ́kọ́ ń ràn ni mò ń sọ, èyí tó ń gba oṣù mẹ́fà. Tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò bá sọ pé rifampísìn, ọ̀kan nínú oògùn yẹn, kò ràn án, oògùn mìíràn ni wọ́n máa fún un, ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Ìdí tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀

Ẹ ní láti mọ èyí kí ẹ tó lè dáhùn ìbéèrè oṣù kẹta. Kòkòrò ikọ́ ife lọ́ra. Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí ọ̀kan wọn ń di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú; ti ikọ́ ife ń lò tó nǹkan bíi wákàtí ogún. Bẹ́ẹ̀ oògùn ń tètè pa kòkòrò tó bá ń jẹ, tó ń bí sí i, ju èyí tó sùn lọ. Nínú ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, àwọn kan jí, àwọn kan sùn fọnfọn.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin ló ń bá wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà: rifampísìn, àísónáyásìdì, pirasínámáìdì àti ẹtambutọ́ọ̀lù. Àwọn wọ̀nyí máa pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jí, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi ń dá. Ní oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, rifampísìn àti àísónáyásìdì nìkan ló kù, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ṣọ́ àwọn tó sùn, kí wọ́n máa pa wọ́n bí wọ́n ṣe ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníwádìí ti gbìyànjú rẹ̀ rí láti fi irú oògùn wọ̀nyí parí ìtọ́jú àgbàlagbà ní oṣù mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà padà bá pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ tó lo oṣù mẹ́fà lọ. Àwọn ọmọdé kan wà tí tiwọn kò le, tí dókítà lè fún ní oṣù mẹ́rin. Dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ yá.

Ohun tí mo sọ fún bọ̀dá mi nìyí: "Bọ̀dá, àwọn tó ń pariwo ló ti kú. Àwọn tó sùn ló kù." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn agbèrò tó ń sùn sábẹ́ mọ́tò ni, tí ilẹ̀ bá mọ́ tán wọn á dìde wá gba owó. Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ka oṣù, ẹ ka ọjọ́. Nílé ìwòsàn, oṣù kan ìtọ́jú jẹ́ ọjọ́ 28. Oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ 56, oṣù mẹ́rin tó kù jẹ́ 112, gbogbo rẹ̀ wá di 168. Nọ́ńbà yìí ni ẹ óò máa lépa, kì í ṣe déètì.

Kí hóró àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu

Wọ́n máa gbé aláìsàn sórí ìwọ̀n, torí ìwọ̀n ara ló ń sọ iye hóró. Hóró kan ṣoṣo ni wọ́n pa oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sí. Àgbàlagbà tó bá wọ̀n láti kílò 38 dé 54 máa ń lo mẹ́ta lóòjọ́. Tó bá ti tó 55, ó di mẹ́rin. Bọ̀dá mi wọ̀n kílò 49, nítorí náà mẹ́ta ni tirẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ rí àṣìṣe, láti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé hóró mẹ́ta túmọ̀ sí ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́, bí a ṣe máa ń lo oògùn ibà. Rárá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, torí àfi kí oògùn náà pọ̀ dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ lásìkò kan kó tó lè pa kòkòrò. Tí ẹ bá pín in, kò ní ga tó nígbà kankan.

Ẹ kó gbogbo oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì. Rifampísìn máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ oògùn mìíràn dànù. Obìnrin tó ń lo oògùn onihóró fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè lóyún lórí rẹ̀, àfi kó lo ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń lo oògùn éèdì, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n ní láti tún ti onítọ̀hún ṣe. Ẹni tó bá ń mutí, tó lóyún, tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí éèdì, ẹ béèrè fítámì B6 fún un láti ọjọ́ kìíní. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó le jù nílé Yorùbá: ta ló máa dúró wo àgbà lẹ́nu? Àbúrò ni mí. Ọjọ́ kejì tí mo dúró tì í, ó ní, "Ṣé olè ni mí ni, tí o fi ń ṣọ́ mi?" Ó tọ̀nà tí inú fi bí i. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mi ò dúró mọ́, mo jókòó. Mo máa gbé omi wá, mo máa kúnlẹ̀ kí i, "Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀, oògùn yín rèé o," a jọ máa sọ̀rọ̀ mọ́tò àti owó epo títí tó fi máa gbé e mì tán, kí n tó dìde. Ojú mi rí i, kò sì dà bí ẹni pé mò ń ṣọ́ ọ. Nínú ilé tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é, tàbí ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè bá yín ṣe é, torí baba kan wà tó máa sọ fún un pé òun ti lò ó, ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn.

Aago mélòó? Ó dára jù kó jẹ́ kí oúnjẹ tó wọ inú, nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ àárọ̀. A mú aago márùn-ún ìdájí, kó tó lọ gáréèjì. Fún ẹni tó ń gbààwẹ̀, ìṣòro kò sí: oògùn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, ó lè lò ó ní sààrì tàbí nígbà tó bá ṣínu, kó sáà máa jẹ́ ìgbà kan náà. Àmọ́ ẹni tó ṣì rù tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ bá nọ́ọ̀sì àti ààfáà tàbí pásítọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ẹ ra kàlẹ́ńdà onífọ́tò ńlá, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí oògùn wà. Ẹ má fi àmì sàmì sí i. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa kọ. Bọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mo kọ 1 sí i, ọjọ́ kejì mo kọ 2. Ọjọ́ tí kò bá lò ó, òdo ni ẹ óò kọ síbẹ̀, nọ́ńbà tó kàn á sì dúró de ọjọ́ tó máa lo oògùn. Pẹ̀lú èyí, ẹnikẹ́ni tó bá wo ògiri máa mọ iye tó ti wọlé láì ṣe ìṣirò.

Ìnira tí a ń fara dà, àti èyí tó ń lé ni lọ sílé ìwòsàn

Ìtọ̀ rẹ̀ máa pupa bí ọsàn láti ọjọ́ kìíní. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Ìyàwó bọ̀dá mi rí i nínú póò, ó kígbe pé ẹ̀jẹ̀ ni. Rifampísìn ló ń fà á, omijé àti òógùn náà lè ní àwọ̀, kò sì ṣe nǹkan kan. Ó tilẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń ṣọ́ni: ìtọ̀ tó bá funfun lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ti lo oògùn, ó yẹ kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀.

Inú rírú ló tún wọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Tí oògùn ìdájí bá ń rú u nínú, ẹ sún un sí alẹ́ nígbà tó bá fẹ́ sùn, kó fi ẹ̀kọ díẹ̀ tàbí búrẹ́dì ṣe ìpìlẹ̀. Oògùn tí kò wọlé dáadáa nítorí oúnjẹ díẹ̀ ṣì dára ju oògùn tó wà nínú èébì lọ. Tó bá bì í kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, tàbí tí ẹ rí hóró nínú èébì náà, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ó lè ní kó tún un lò. Tó bá ti lé ní wákàtí kan, kò sí ohun tí ẹ máa tún ṣe. Ẹ má sì fún un ní oògùn oníyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń mu fún inú kíkan lásìkò kan náà, torí ó máa ń dí àísónáyásìdì lọ́wọ́; ẹ jẹ́ kí wákàtí mélòó kan wà láàárín wọn.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, eékún àti èjìká bọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Pirasínámáìdì nìyẹn. Nọ́ọ̀sì fún un ní ibupurofẹ́ẹ̀nì fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lọ pátápátá nígbà tí oṣù méjì pé, torí pirasínámáìdì náà ti kúrò nínú oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ta bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jó, ti àísónáyásìdì ni, òun ni fítámì B6 wà fún. Bọ̀dá mi ti fi ọ̀rọ̀ ọtí pa mọ́ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kìíní, kò gba B6, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta lóṣù kejì. A jẹ́wọ́, wọ́n fún un, ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara tó kàn ń yún ni láì sú jáde, oògùn ara yíyún tí nọ́ọ̀sì bá fún un lè tó.

Gbogbo èyí tí mo ti kà, ẹ má tìtorí rẹ̀ dá oògùn dúró. Mẹ́ta ló wà tí ẹ máa dá gbogbo rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkíní ni ẹ̀dọ̀, òun ló ń pani jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìtọ̀ oníkọ́ ife ti pupa tẹ́lẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni? Ẹ má wo ìtọ̀ nìkan, ẹ wo ojú. Ẹ mú un síta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Tí ẹyinjú funfun bá ti yí sí ìyeyè, ẹ má dúró. Àmọ́ ojú kì í yára pọ́n. Ohun tó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni pé oúnjẹ máa sú u pátá, á máa bì láìdá, á rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìsàlẹ̀ ìhà ọ̀tún rẹ̀ á máa ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ á sì kúrò ní àwọ̀ ọsàn, á dúdú bí omi obì. Ẹni tó jẹun dáadáa lánàá, tí kò fẹ́ gbóòórùn ọbẹ̀ lónìí àti lọ́la, ẹ gbé e lọ. Dókítà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n máa dúró kí ẹ̀dọ̀ rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n máa dá oògùn padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ṣe é. Ẹ má dá a padà fúnra yín nílé nítorí pé ojú ti funfun.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ àgbo. Ìyá wa se àgbo ẹ̀dọ̀ fún un lọ́sẹ̀ kejì, ó sì fi ògógóró rẹ ẹ́. Mi ò bá wọn jà lórí bóyá àgbo ń ṣiṣẹ́. Mo kàn ṣàlàyé pé mẹ́ta nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ni ẹ̀dọ̀ lára, ọtí náà ń nì í lára, a kò sì mọ ohun tí egbò tó wà nínú ìgò ń ṣe níbẹ̀. Tí ojú bá wá pọ́n, a kò ní mọ èwo ló fà á, wọ́n sì máa dá oògùn rẹ̀ dúró. Màmá gbà láti gbé ìgò náà sókè àjà títí di ọjọ́ 168. Fífi àkókò sí i ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Ká ní mo ní kí wọ́n dà á nù ni, wọn ì bá máa fún un mu lẹ́yìn mi.

Èkejì ni ojú tó ń ṣú. Ẹtambutọ́ọ̀lù lè ba iṣan ojú jẹ́, ó sì máa ń kọ́kọ́ ba mímọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé jẹ́. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́: ẹ to ata rodo pupa àti aláwọ̀ ewé sórí àwo, kó fi ọwọ́ bo ojú kan, kó ṣa pupa sọ́tọ̀, kó ka nọ́ńbà orí kàlẹ́ńdà, kó tún fi ojú kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Fún dẹ́rẹ́bà, ọ̀rọ̀ iná ojú títì ni èyí, kì í ṣe eré. Ẹ̀kẹta ni ara tó sú jáde yí i ká, pàápàá tí ẹnu bá bó, tí ojú bá wú tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń há.

Ọjọ́ tó já

Ìlànà rẹ̀ kò nira. Tó bá gbàgbé láàárọ̀ tó sì rántí lálẹ́, kó lò ó nígbà tó rántí. Tí ọjọ́ kejì bá ti mọ́, èyí tó já ti já: ti òní nìkan ni kó lò, kò gbọ́dọ̀ lo ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa gbà á. Ẹ kọ òdo sí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tó já á lọ sí ìparí, ìyẹn ni pé ìtọ́jú á gùn sí i ní ọjọ́ kan.

Ti bọ̀dá mi já ní ọjọ́ 20 oṣù Ẹrẹ́nà. Ó lọ ìsìnkú àna rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ní òun á padà lọ́jọ́ kejì, ó sì lo ọjọ́ márùn-ún. Ó ti lo 73 nígbà tó ń lọ. Nígbà tó dé, ó sọ pé òun lo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka hóró tó kù nínú páálí, márùndínlógún ló fi lé: hóró mẹ́ta fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ka hóró lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ẹ máa kà á, láìpariwo.

Mi ò bá a jà. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òótọ́ sì jáde: yàrá kan ni àwọn ọkùnrin mẹ́fà jọ sùn, kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ rí páálí oògùn kí wọ́n máa béèrè àrùn tó ń ṣe é. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìgbàgbé, aago fóònù kò sì lè wo ìtìjú sàn. Nígbà ìrìn àjò tó tẹ̀ lé e, a gé iye hóró tó tó láti ara páálí, kí ojú ewé rẹ̀ má ya, a fi sínú ọ̀rá dúdú kékeré nínú àpò búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ń lò ó ní báfù. Mo máa ń pè é lórí fídíò fóònù láago márùn-ún, ó máa ní "àbúrò mi ló ń kí mi". Tí ìrìn àjò bá máa lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú. Wọ́n lè fi oògùn kún un tàbí kí wọ́n kọ ìwé sí ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ó lo ẹ̀kẹrìnléláàádọ́rin. Tí kò bá já, ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù ni ì bá parí. Ó wá di ọjọ́ 27. Ọjọ́ márùn-ún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo pe nọ́ọ̀sì kó kọ ọ́ sí káàdì. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa dá pinnu. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá ní oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n lè ní kó bẹ̀rẹ̀ padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti tó oṣù méjì gbáko, wọ́n ti kà á sí ẹni tó sọnù. Wọ́n máa tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì máa wò ó bóyá kòkòrò náà ti mọ oògùn lára. Ẹ mú un padà lọ náà. Mo ti rí ẹni tí ìbẹ̀rù èébú nọ́ọ̀sì dá dúró sílé fún oṣù méjì sí i.

Ẹni tó léwu jù sì kọ́ ni ẹni tó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń lò ó lónìí, tó ń fo ọ̀la àti ọ̀túnla, ni. Kòkòrò tó kù á máa kọ́ bó ṣe lè la oògùn kọjá, ara aláìsàn náà sì lè kọ rifampísìn tó ń wá tó ń lọ, tí ibà àti òtútù á máa mú un ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbé e mì. Tí ẹ bá rí irú ibà yẹn, ẹ ka hóró.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìwọ̀n

Ní òpin oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà, wọ́n máa béèrè kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi rí àrùn náà níbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa lò, torí ẹ̀rọ yẹn ń rí òkú kòkòrò náà. Awò tó ń sọ nǹkan tín-ín-rín di ńlá ni. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìdájí ló dára jù, tó fà láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe itọ́ ẹnu. Tí kò bá ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wúkọ́. Tí wọ́n bá ṣì rí kòkòrò lóṣù kejì, kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n máa fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ránṣẹ́ láti wò bóyá oògùn ṣì ń ràn án, wọ́n á sì béèrè iye òdo tó wà lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí ẹ sì bojú tó o, torí àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń gbàgbé láti yí iye hóró padà tí ìwọ̀n bá yí padà. Bọ̀dá mi dé kílò 53 lóṣù kejì. Lóṣù kẹrin ó di 56. Ó ti kọjá 55, ó yẹ kí hóró rẹ̀ di mẹ́rin. Èmi ni mo fi nọ́ńbà náà han nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó yí i padà.

Nínú ilé

Tí ẹ bá ti ya àwo àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ dá a padà. Afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń gbà ràn, kì í ṣe abọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń lo oògùn tó ń ràn án, agbára àtiràn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Kó tó dìgbà yẹn, fèrèsé ṣíṣí, ìbòmú, àti kó dá sùn ló wúlò. Ní Madrásì ní Íńdíà, ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956 fi àwọn tó gba ìtọ́jú nílé wé àwọn tí wọ́n gbé lọ ibùdó oníkọ́ ife. Àwọn ará ilé tí aláìsàn wà lọ́dọ̀ wọn kò kó àrùn ju àwọn ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Ìgbà tí ẹ kò tíì mọ̀ pé àrùn wà lára rẹ̀ ló ti ràn jù. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ará ilé lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ sì fi àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ṣáájú. Tí àrùn kò bá sí lára wọn, wọ́n lè fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Hóró tó kẹ́yìn

Ní ọjọ́ 27 oṣù Òkúdù, mo kọ 168 sí kàlẹ́ńdà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ oṣù karùn-ún ti mọ́, ti oṣù kẹfà náà sì mọ́, ohun tí wọ́n kọ sí káàdì ni pé ó ti sàn. Ẹni tí kò rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mú wá, wọ́n máa kọ ọ́ pé ó parí oògùn. Ẹ gba àdàkọ káàdì náà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilé. Tí ikọ́ bá tún mú un ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, lọ́dún yìí tàbí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, káàdì náà ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè, torí bó ṣe lo oògùn ìgbà àkọ́kọ́ máa darí àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe. Àpá lè kù nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó máa mí gúlegúle tó bá gun òkè; ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé àrùn ti padà.

Bọ̀dá mi ní kí n má tíì yọ kàlẹ́ńdà yẹn kúrò lára ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú òdo márùn-ún tó tò léra nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Ìgò àgbo Màmá náà ṣì wà lókè àjà.